Nígbà Tí Ọsàn Wẹ́wẹ́ Bá Jẹ Ojú Mábù àti Tẹràsò

Àmì tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ mábù tàbí tẹràsò máa ń tan ènìyàn jẹ. Ó funfun díẹ̀, ó ṣú, ó jọ ibi tí omi ọṣẹ gbẹ sí. Onílé á mú aṣọ tútù, á nù ún, àmì náà á pòórá lójú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tán, ó tún ti yọjú. Onílé á wá mú ọṣẹ tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ìyẹn kò bá ràn án, ó kan bílíìṣì. Bí bílíìṣì náà kò bá ràn án, wọ́n á gbé ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń bàjẹ́ pátápátá.

Ohun tó yẹ kí onílé kọ́kọ́ mọ̀, kí ó tó ná kọ́bọ̀, ni pé kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Ásíìdì inú ọsàn ti jẹ díẹ̀ lára òkúta náà lọ. Kò sí ọṣẹ tó lè fọ ohun tí kò sí kúrò, kò sì sí ìpara tó lè dá òkúta tó ti yọ́ padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni pé kí a lọ ojú òkúta tó yí ibẹ̀ ká wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dọ́gba, kí a sì tún un dán láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe awo, ṣùgbọ́n ó ní ètò, ẹni tó bá sì fo ìpele kan nínú rẹ̀ yóò padà sí ìpele náà dandan.

Ohun tí mábù fi ṣe ara ni ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè é ní kálísíọ̀mù kábónéètì. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí ásíìdì ṣe ń jẹ ẹ́, kí ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife, kí ó sọ èèpo ẹyin sí i. Kò ní í pẹ́ tí ìfófó wẹ́wẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára èèpo náà. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde yẹn, òun náà ló ń mú mínírà hó nígbà tí a bá ṣí ìdérí rẹ̀. Èèpo ẹyin ń tú ká, omi ọsàn sì ń gbé e lọ. Lẹ́mọ́nì, ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, tòmátò lílọ̀, wáìnì, àti mínírà fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mábù, kálukú pẹ̀lú agbára tirẹ̀. Omi lẹ́mọ́nì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà lára àwọn tó lágbára jù nínú ilé ìdáná. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fún wọn láti fi àmì sí ojú mábù tó ń dán.

Ìdí tí àmì yẹn fi ń fara pamọ́ bí ilẹ̀ bá tutù kò ṣòro láti mọ̀. Mábù ń dán nítorí pé wọ́n ti lọ ojú rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e fi ń gba ọ̀nà kan náà padà sí ojú wa. Bí ásíìdì bá ti jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á di kòtò wẹ́wẹ́ tí ojú wa kò lè rí, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e á sì fọ́n káàkiri. Fífọ́nká ìmọ́lẹ̀ yìí la ń rí tí a fi ń sọ pé ibẹ̀ ṣú. Omi máa ń kún inú kòtò wọ̀nyẹn, ojú á tún tẹ́jú fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ gba ohun tí ilẹ̀ tútù bá fi hàn án gbọ́. Kí ó jẹ́ kí ó gbẹ ná, kí ó tó sọ pé òun ti ṣe é tán.

Tẹràsò ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀rún mábù tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n dà sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fá lẹ́yìn tó gbẹ, kí ojú ẹ̀rún náà lè hàn. Mábù wà lábẹ́ ilẹ̀ wa níhìn-ín náà. Ti Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbajúmọ̀, wọ́n sì máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé tí wọ́n kọ́ láyé àtijọ́ ní Ìbàdàn tàbí Èkó yóò rántí ilẹ̀ náà dáadáa: ó tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ní ẹ̀rún funfun, dúdú àti pupa, ìlà idẹ tàbí ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Ásíìdì ń jẹ ẹ̀rún mábù inú rẹ̀, ó sì ń jẹ sìmẹ́ǹtì tó so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í yọ́ ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà tẹràsò tí ásíìdì bá jẹ gan-an máa ń ha ènìyàn lọ́wọ́ bí a bá fọwọ́ rá a, ibì kan ga, ibì kan rì. Àwọn tẹràsò ìgbàlódé kan wà tó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù oníkẹ́míkà ni wọ́n fi so ẹ̀rún rẹ̀ dípò sìmẹ́ǹtì. Ọsàn kò lè jẹ gọ́ọ̀mù yẹn, àmọ́ kò ní kó má jẹ ẹ̀rún mábù tó wà láàárín rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tó ṣú ni ọsàn jẹ. Iyanrìn tí a ń fi bàtà kó wọlé le ju mábù lọ púpọ̀. Lórí òṣùwọ̀n líle òkúta tí wọ́n ń kà láti 1 dé 10, mábù wà ní 3, iyanrìn sì wà ní 7. Bí ibi tó ṣú bá gùn tẹ̀lé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń rìn, láti ẹnu ilẹ̀kùn lọ sí ìdí àga, iyanrìn ló ha á. Bí ó bá ní ìrísí ẹ̀kán omi, tàbí òbìrípo bíi ìdí ife, tàbí ibi tí omi ti ṣàn tó sì dúró, ásíìdì ni. Ẹ pa iná iyàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ lọ lójú ilẹ̀. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ yóò yọ síta kedere. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná rá etí àmì náà. Bí èékánná bá kọjá láìkọ́ nǹkan kan, ìdán nìkan ló lọ. Bí ó bá kọ́ ọ, tàbí tí ibẹ̀ bá rí ṣákiṣàki, òkúta gan-an ti rì, iṣẹ́ náà yóò sì gba agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé kan wà ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, tí mo ti dúró wo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tẹràsò aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ilé ìdáná àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó so mọ́ ọn, ìlà idẹ sì pín in. Ìyá tó ni ilé náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí wọ́n ń múra àlejò sílẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fọ ìgbín, wọ́n sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti álọ́ọ̀mù yọ ikùn ara rẹ̀, bí gbogbo ilé ti ń ṣe. Álọ́ọ̀mù tó bá ti yọ́ sínú omi, ásíìdì ni òun náà. Omi náà ta sílẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi fọ ìgbín tán. Lọ́jọ́ kejì, ojú tẹràsò ti ṣú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 2, àmì ẹ̀kán omi sì wà yí i ká. Ọmọ tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ó da ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí àárín rẹ̀. Ásíìdì inú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ lágbára ju ti ọsàn lọ fíìfíì. Ó hó, ó ru, ibẹ̀ sì di ṣákiṣàki bí wọ́n ti fi omi ṣàn án. Ó dára pé kò da bílíìṣì mọ́ ọn, torí pé bí bílíìṣì àti ọṣẹ alásíìdì bá pàdé, èéfín olóró tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ló ń jáde níbẹ̀.

Oníṣẹ́ tí wọ́n pè wá, bàbá kan tó ti ń fá tẹràsò láti ìgbà èwe rẹ̀, kò kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ rárá. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá náà bóyá wọ́n máa ń fi wáàsì pa ilẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ọdún Kérésì," ni ìyá dá a lóhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bọ́ wáàsì yẹn kúrò. Bí mo bá gbé páàdì lé e báyìí, wáàsì á yọ́, á dí ojú páàdì, n kò sì ní mọ̀ bóyá òkúta ni mò ń lọ̀ tàbí wáàsì."

Omi gbígbóná àti ọṣẹ tí kò ní ásíìdì nínú ni wọ́n fi bọ́ ọ, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì líle. Wọ́n ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ó gbẹ. Ní òwúrọ̀, ìdajì ibi tí ìyá rò pé ásíìdì jẹ kò tilẹ̀ sí mọ́. Wáàsì tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí ni mo fi gbà pé ìpele ìfọ̀ yìí kò ṣeé fò, àní bí oníṣẹ́ bá ń kánjú.

Ohun tí wọ́n fi ń lọ ojú òkúta ni páàdì róbótó tí wọ́n lẹ ẹ̀rún dáyámọ́ǹdì wẹ́wẹ́ mọ́. Wọ́n ní nọ́ńbà bíi ti sáńpépà. Nọ́ńbà kékeré ni ó le jù: 50, 100, 200, 400, 800, 1500, 3000. Láti 50 títí dé 200, páàdì ń gé òkúta. Ní 400 àti 800, ó ń pa ojú ọgbẹ́ tí àwọn ti ìṣáájú dá sílẹ̀, òkúta á sì máa tàn díẹ̀díẹ̀. Láti 1500 sókè ni dídán gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin tí mo rí pé àwọn oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í rú ni pé nọ́ńbà tó ga jù tó bá lè mú àmì náà lọ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Òkúta tí a bá gé dànù kò ṣeé dá padà, àti pé ọgbẹ́ tí páàdì 50 bá dá sílẹ̀ máa ń gba iṣẹ́ púpọ̀ kí ó tó jìnnà.

Báwo la ṣe ń mọ nọ́ńbà náà? Ìdánwò ni. Bàbá yìí lọ sí ẹ̀yìn fìríìjì, níbi tí ẹnìkan kò ní í wò, tí ẹ̀kán ọsàn sì dé. Ó fi páàdì 800 ọwọ́ rá a pẹ̀lú omi fún ìṣẹ́jú kan, ó nù ún gbẹ, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Àmì náà ṣì wà. Ó sọ̀kalẹ̀ sí 400, àmì náà lọ. Nítorí náà, gbogbo ibi tí omi ọsàn àti álọ́ọ̀mù nìkan dé, 400 ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín, níbi tí ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jẹ, 400 kò ṣe nǹkan kan, 200 dín in kù díẹ̀, 100 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gba. Ilẹ̀ kan náà, ìbẹ̀rẹ̀ méjì. Bí ó bá jẹ́ oníṣẹ́ tó ń kánjú ni, yóò gbé 50 lé gbogbo rẹ̀ láìbéèrè.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é tún ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ ilẹ̀ tó wúwo tó sì ń yí jẹ́jẹ́, bíi ìyípo 175 ní ìṣẹ́jú kan, ni ó dára fún un. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ lóde òní ló ń lo ẹ̀rọ ọwọ́ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin. Ẹ̀rọ yẹn ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń gbẹ́ kòtò sí ojú ilẹ̀, ó ń jó òkúta, bí wọ́n bá sì lò ó láìfi omi sí i, eruku á gba gbogbo ilé. Eruku sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn tó wà nínú tẹràsò lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìsí àtúnṣe. Omi ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí oníṣẹ́ sì fi ìbòmú sí i. Níwọ̀n bí omi àti iná mànàmáná ti jọ wà, kí wáyà má ṣe kọjá nínú omi, kí ihò iná tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ sì ní súwìṣì tí ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò.

Bàbá pààlà iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìlà idẹ. Ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé náà, torí kí tẹràsò má baà sán ni wọ́n ṣe fi ìlà yẹn sí i, àmọ́ fún ẹni tó ń tún un ṣe, ibẹ̀ ni ó dára jù láti dúró. Bí a bá dán ibi tí ásíìdì jẹ nìkan, tí a dúró ní àárín gbùngbùn, ibẹ̀ yóò rì díẹ̀, yóò sì máa dán yàtọ̀ sí ìyókù, ojú á máa rí i láti ọ̀nà jíjìn. Bí a bá ṣe gbogbo igun mẹ́rin náà dé ìlà idẹ, ìyàtọ̀ yòówù tó bá wà yóò bọ́ sí ibi tí ojú ti ń retí ìpààlà tẹ́lẹ̀. Fún mábù alálẹ̀mọ́, bákan náà ni: kí a ṣe odindi táìlì kan, láti etí dé etí. Nínú ilé yìí, igun mẹ́rin 4 ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ó gbé 100 lé àárín, ó da omi sí i, ó ń rìn lọ ń rìn bọ̀ ní ọ̀nà kan títí ó fi dọ́gba. Ó fi rọ́bà wọ́ ẹrẹ̀ funfun tó jáde jọ, ó bù ú sínú korobá, ó sì tún ṣan ilẹ̀. Ó kìlọ̀ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má ṣe da ẹrẹ̀ yẹn sínú ihò omi, torí pé yóò le sínú páìpù. Lẹ́yìn 100 ni ihò tíntìntín hàn nínú sìmẹ́ǹtì, níbi tí ọṣẹ ti jẹ wọlé. Ó po sìmẹ́ǹtì funfun pẹ̀lú omi, ó fi àwọ̀ sìmẹ́ǹtì bíńtín sí i títí ó fi jọ ti àtijọ́. Ó kọ́kọ́ dán an wò lórí pákó, torí pé sìmẹ́ǹtì tútù dúdú ju èyí tó gbẹ lọ. Ó fi í dí àwọn ihò náà, ó fi aṣọ tútù bò ó fún ọjọ́ 2 kí ó má baà yára gbẹ kí ó sì sán. Ẹni tó bá fò ìpele yìí yóò ní ilẹ̀ tó ń dán ṣùgbọ́n tó kún fún ojú dúdú wẹ́wẹ́ láàárín oṣù mélòó kan, torí pé inú ihò wọ̀nyẹn ni ìdọ̀tí yóò máa sá sí.

Nígbà tí ó padà dé, 200 ló gbé lé àárín, ó sì rìn ní ọ̀nà tó dábùú ti 100. Ìdí rẹ̀ ni pé kí ó lè rí ìlà tí 100 fi sílẹ̀. Bí ìlà náà bá ṣì ń hàn lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, 200 kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìdí láti gun 400. Bí wọ́n bá dé 400, gbogbo igun mẹ́rin 4 náà ti wà ní ìpele kan, wọ́n sì jọ gòkè lọ sí 800, 1500 àti 3000. Láàárín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣan ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀rún kan ṣoṣo láti ara páàdì 100 tó bá wà lábẹ́ páàdì 1500 yóò fa ìlà róbótó tí kò ní í lọ àfi kí wọ́n padà sísàlẹ̀. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan lójú iṣẹ́ yẹn. Bàbá dúró, ó wò ó dáadáa, ó sì padà sí 400 ní igun náà láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Lẹ́yìn páàdì ni ìyẹ̀fun ìdán kàn. Ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún mábù ní ọ́sáìdì tíìnì tàbí ti alumíníọ̀mù, èyí tí ó ń fọ ojú òkúta lọ́nà tó rọ̀ ju páàdì yòówù lọ. Púpọ̀ nínú wọn tún ní ásíìdì ọsálíìkì. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ásíìdì ń dán ohun tí ásíìdì bàjẹ́. Àmọ́ ásíìdì yìí kì í kàn tú òkúta ká. Ó ń so mọ́ kálísíọ̀mù ojú rẹ̀, wọ́n á sì di ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tó le tí kò fẹ́ yọ́ sínú omi. Ṣíbí díẹ̀ ìyẹ̀fun náà ni wọ́n bù sílẹ̀, pẹ̀lú omi tó mú un ki bí ògì, wọ́n sì fi páàdì funfun rírọ̀ lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ títí ìdán fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbẹ mọ́ ilẹ̀. Bí ó bá gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì jó ojú òkúta, kí a tún padà sí páàdì. Kí wọ́n tètè ṣàn án pẹ̀lú omi púpọ̀. Májèlé ni bí a bá gbé e mì, nítorí náà ìbọ̀wọ́ ṣe dandan, kí ọmọdé sì wà níta.

Fún ẹni tó jẹ́ pé àmì ife kan tàbí ẹ̀kán díẹ̀ ló wà lórí mábù rẹ̀, tí èékánná kò kọ́ nǹkan kan, ìyẹ̀fun yìí nìkan lè tó, láìsí ẹ̀rọ. Kí ó rẹ aṣọ funfun nípọn kan sínú omi, kí ó fi bu ìyẹ̀fun díẹ̀, kí ó fi agbára rá ojú àmì náà ní òbìrípo fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó ṣàn án, kí ó nù ún gbẹ, kí ó wò ó. Bí àmì bá dín kù ṣùgbọ́n tó ṣì wà, kí ó tún un ṣe. Bí kò bá yí padà rárá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹ̀fun kò lágbára tó o, kí ó wá oníṣẹ́ onípáàdì. Kí ó sì kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ bí mábù rẹ̀ bá dúdú tàbí tó jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ òkúta ewéko tí wọ́n ń tà lọ́jà bíi mábù kì í ṣe mábù nítòótọ́, ìyẹ̀fun yìí kì í sì mú wọn dán bó ṣe ń mú mábù dán.

Àwọn oníṣẹ́ kan á ní kí wọ́n fi ìrun irin àti omi kẹ́míkà kan dán ilẹ̀ náà kíákíá. Ilẹ̀ máa ń dán bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìrun irin tó bá já sínú ihò mábù funfun yóò dípẹtà, kẹ́míkà náà kò sì dára fún awọ ara àti èémí. Bí òkúta kò bá tíì dọ́gba lábẹ́ rẹ̀, ìjẹ ọsàn ọjọ́sí á kàn máa dán pẹ̀lú kòtò rẹ̀ ni. Ti wáàsì kò yàtọ̀: ó ń fi ojú bo ọ̀rọ̀ náà, ó ń pọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ, ó sì ń di iyanrìn mú.

Ohun tí mo rí tí ọ̀pọ̀ onílé kò lóye ni sílà, òróró tí wọ́n ń fi sí ojú òkúta kí ó wọ inú ihò rẹ̀. Wọ́n á ní, "A ti fi sílà sí i, ọsàn kò lè ṣe é ní nǹkan kan." Sílà ń dá epo pupa, ọbẹ̀ àti iṣápá dúró kí wọ́n má baà wọnú òkúta kí wọ́n sì pa á láró. Kò lè dá ásíìdì dúró, torí pé ojú òkúta, ìta gbangba rẹ̀, ni ásíìdì ń jẹ. Inú ni sílà wà. Ó dára kí a fi sí tẹràsò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dán, lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ pátápátá fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tí a ń rà. Ẹ kán omi sí i: bí omi bá dúró lókè bí ìlẹ̀kẹ̀, sílà ṣì wà, bí ibẹ̀ bá ṣú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti lọ.

Nítorí ìdí yìí, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó dán ilẹ̀ ilé ìdáná dé 3000. Níbi tí ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátò ń kán sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí a dá iṣẹ́ dúró ní 400 ni ó bọ́gbọ́n mu. Ojú rẹ̀ á tẹ́jú, á mọ́, á rọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní dán bí dígí. Àmì ásíìdì tó bá tún wá yóò ṣòro láti rí, torí pé kò sí ìdán tí yóò mú lọ. Ìdajì ìjíròrò tí bàbá ní pẹ̀lú ìyá náà lọ́jọ́ ìparí dá lórí èyí. Ìyá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dán. Bàbá fi hàn án, ó kán omi ọsàn sí igun dídán tí wọn kò tíì parí, ó sì kán an sí èyí tó dúró ní 400. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ó nù wọ́n gbẹ. Èyí tó dán ti ní àmì róbótó tó hàn kedere. Ti èkejì, ó gba kí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè fura sí i.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dá ti ilé ìdáná dúró síbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ dán an fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀kán tó wà lára igun dídán yẹn, 1500, 3000 àti ìyẹ̀fun ló mú un lọ nígbà tí wọ́n ń dán ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tó wà ní ilé ìdáná, páàdì 400 kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ọwọ́ rá pẹ̀lú omi, ló mú un lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bàbá fi páàdì ọwọ́ náà sílẹ̀ fún wọn nínú àpótí ìdáná. Ó sọ fún wọn pé omi pẹ̀lú ọṣẹ ìfọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni kí wọ́n máa fi nu ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì tún fi omi lásán nù ún lẹ́yìn rẹ̀, torí pé ọṣẹ tó bá gbẹ sójú ilẹ̀ á mú un ṣú. Bí ọsàn bá tún ta sílẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìfà á káàkiri, kí wọ́n da omi sí i, kí wọ́n sì bu béékìn sódà díẹ̀ lé e láti pa ásíìdì tó kù. Sódà náà kò lè tún ohun tí ó ti jẹ ṣe, ṣùgbọ́n á dá èyí tó kù dúró kí ó má baà jẹ wọlé sí i.